Rìpọ́ọ̀tù títà mẹ́ta fún oṣù kan ṣoṣo: èwo ni kí ẹ gbé fún ọ̀gá?

"Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yá lóṣù yìí." Gbólóhùn tí mo kọ sí ìdí rìpọ́ọ̀tù títà àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá wọn kọ ìwé owó ní Sábó, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé awò sójú, ó kà á tán, ó yí bébà náà padà bóyá nǹkan tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ọjà wo ni kò yá? Àárọ̀ títí dalẹ́ ni èmi náà fi ń jókòó síbí, mo sì rí i tí wọ́n ń kó páálí jáde." Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Títún un wò yẹn ló sọ mí di ẹni tó mọ oríṣi rìpọ́ọ̀tù mẹ́ta. Mo fẹ́ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ọjà oṣù kan náà, kí ẹ lè mú èyí tó bá ṣọ́ọ̀bù yín mu. Mo ti yí àwọn iye náà sí èyí tó rọrùn láti ṣírò, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ gan-an ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ọjà mẹ́ta ló gbé ṣọ́ọ̀bù wa dúró: ìrẹsì, òróró, àti índómì (bí a ṣe ń pe gbogbo núdù nìyẹn, ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ṣe é). Kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, a fi tágẹ́ẹ̀tì lélẹ̀. Ìrẹsì 200 àpò ní ₦60,000. Òróró 50 kẹ́ẹ̀gì ní ₦80,000. Índómì 500 páálí ní ₦8,000. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, ₦20,000,000 géérégé ni. Nígbà tí oṣù parí, ìrẹsì 170 àpò la tà ní ₦66,000, nítorí owó rẹ̀ ti gun òkè láàárín. Òróró 52 kẹ́ẹ̀gì ní ₦80,000 kò yí padà. Índómì 580 páálí, ṣùgbọ́n bí a bá pín owó tó wọlé sórí páálí kọ̀ọ̀kan, ₦7,500 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦19,730,000.

Rìpọ́ọ̀tù kìíní: onílà kan

Tágẹ́ẹ̀tì ₦20,000,000, títà ₦19,730,000, ó dín ní ₦270,000. Ìdá 98.65 nínú 100 la bá. Rìpọ́ọ̀tù parí.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ máa fi ṣe é, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí fóònù. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ohun tó burú nípa rẹ̀ ni pé ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò tọ́ síni ló ń fúnni. Ẹni tó bá gbọ́ 98 nínú 100 á ní kò burú, á lọ sùn. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí a máa rí ohun tó sùn sábẹ́ 98 yẹn láìpẹ́.

Rìpọ́ọ̀tù kejì: ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀

Èyí máa ń ya ọjà sọ́tọ̀. Ìrẹsì dín ní ₦780,000. Òróró lé ní ₦160,000. Índómì lé ní ₦350,000. Ó ti sàn jù ti àkọ́kọ́ lọ, torí Màmá ti lè rí i pé ìrẹsì ni wàhálà wà, ó sì lè béèrè ìbéèrè tó lójú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrẹsì dáadáa. Owó àpò kan ti fi ₦6,000 lé sí i. Ìyẹn ni pé bí a bá tà iye àpò tí a ní lọ́kàn, ó yẹ kí owó wa kọjá tágẹ́ẹ̀tì dáadáa. Kò kọjá, ó tún dín. Nǹkan méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ₦780,000 yẹn, èkíní ń fà á sókè, èkejì ń fà á sílẹ̀, rìpọ́ọ̀tù kejì kò sì ní ojú tí yóò fi rí wọn. Ti índómì náà rí bẹ́ẹ̀. Inú gbogbo wa dùn sí ₦350,000 tó lé, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé tí páálí ₦8,000 di ₦7,500.

Rìpọ́ọ̀tù kẹta: òǹkà lọ́tọ̀, owó ẹyọ kan lọ́tọ̀

Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń la ìyàtọ̀ ọjà kọ̀ọ̀kan sí méjì. Apá kan jẹ́ ti òǹkà: àpò mélòó ló dín tàbí ló lé, ní iye tí a ti pinnu láti tà á. Apá kejì jẹ́ ti owó ẹyọ kan: náírà mélòó ló yàtọ̀ lórí àpò kan, ní iye àpò tí a tà gan-an.

Fún ìrẹsì, àpò 30 ló dín. 30 lọ́nà ₦60,000 jẹ́ ₦1,800,000 tó sọnù nítorí òǹkà. Owó àpò kan fi ₦6,000 lé. ₦6,000 lọ́nà 170 jẹ́ ₦1,020,000 tó wọlé nítorí owó. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ₦780,000 tí a rí lẹ́ẹ̀kan náà ló máa yọ. Bí kò bá yọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣì í ṣírò níbì kan.

Nínú Excel, bí òǹkà tágẹ́ẹ̀tì bá wà ní A, owó tágẹ́ẹ̀tì ní B, òǹkà tí ẹ tà ní C, owó tí ẹ tà á ní D, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí. Ìlà àkọ́kọ́ ti òǹkà, ìlà kejì ti owó:

```
=(C2-A2)*B2
=(D2-B2)*C2
```

Gbogbo rẹ̀ nìyí lójú kan. Òpó mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ ọjà ni rìpọ́ọ̀tù kejì, ìlà ìsàlẹ̀ wọn ni rìpọ́ọ̀tù kìíní. Ohun tó kù lápá ọ̀tún ni ti ìkẹta fi kún un.

| Ọjà | Tágẹ́ẹ̀tì (₦) | Títà (₦) | Ìyàtọ̀ (₦) | Ti òǹkà (₦) | Ti owó ẹyọ kan (₦) |
|---|---|---|---|---|---|
| Ìrẹsì | 12,000,000 | 11,220,000 | −780,000 | −1,800,000 | +1,020,000 |
| Òróró | 4,000,000 | 4,160,000 | +160,000 | +160,000 | 0 |
| Índómì | 4,000,000 | 4,350,000 | +350,000 | +640,000 | −290,000 |
| Àpapọ̀ | 20,000,000 | 19,730,000 | −270,000 | −1,000,000 | +730,000 |

Ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀. Mílíọ̀nù kan náírà ọjà ni a kò rí tà, ọ̀wọ́n gógó ìrẹsì ló fi aṣọ bò ó. Ohun tó wà lábẹ́ 98 nínú 100 nìyẹn.

Àwọn kan máa ń fẹ́ ro àpò pọ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì mọ́ páálí. Ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù wa ṣe é lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ 750 ni tágẹ́ẹ̀tì, a ta 802. A ti fi 52 lé. Báwo lẹ ṣe ní òǹkà dín?" Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹyọ kò dọ́gba. Àpò ìrẹsì kan tó páálí índómì méje àti ààbọ̀ lówó. Páálí 80 tó lé kò lè dí ihò àpò 30. Tí ọjà bá ti ju ẹyọ kan lọ, ẹ má ro òǹkà wọn pọ̀ láéláé. Owó tí òǹkà náà fà ni kí ẹ rò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa oníṣirò. Àpò 30 tí kò sí àti ₦6,000 tó lé pàdé ara wọn sí ₦180,000. Ta ló ni ín, òǹkà ni àbí owó? Bí mo ṣe ṣe é yìí, mo ka òǹkà ní owó àtijọ́, mo sì ka owó lórí àpò tí a tà gan-an. Bí ẹlòmíì bá yí i padà, òǹkà tirẹ̀ máa dín ní ₦1,980,000, owó rẹ̀ á sì lé ní ₦1,200,000. ₦780,000 kan náà ló máa bá. Méjèèjì dára. Ohun tí kò dára ni kí ẹ lo ọ̀kan lóṣù yìí, kí ẹ lo èkejì lóṣù tó ń bọ̀.

Àlàyé ni iṣẹ́ gan-an

Táńbìlì ò tíì sọ ìdí. Ó kàn sọ ibi tí a ó lọ wá ìdí sí ni. Ibí sì ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ rìpọ́ọ̀tù tó ní táńbìlì tó rẹwà máa ń wó lulẹ̀, torí wọ́n á parí rẹ̀ pẹ̀lú "ọjà kò yá", "ìlú le", "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọlé". Ìlú le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ìlú ò le fún òróró ni?

Àlàyé tó péye ní nǹkan mẹ́ta nínú: òǹkà tirẹ̀, ibi tí a ti rí i, àti bóyá ó máa padà wá lóṣù tó ń bọ̀ tàbí ó ti lọ. Ẹ jẹ́ ká fi àpò 30 yẹn ṣe é.

Tírélà tó ń kó ìrẹsì bọ̀ kú sójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti Àbámẹ́ta, kò sí ìrẹsì kankan ní sítọ̀. Ọjọ́ 25 la fi ń tajà lóṣù náà, nítorí náà tágẹ́ẹ̀tì àpò 200 jẹ́ àpò 8 lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ àpò 24. Ẹni tó bá kánjú á kọ 24 síbẹ̀, á sì ṣìnà, torí gbogbo ẹni tó wá tí kò bá ìrẹsì kọ́ ló lọ pátápátá. Ọmọ tó ń tajà ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ àwọn tó wá tí kò bá ọjà sí. Nínú wọn, àwọn tó padà wá rà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e kó àpò 6. Àpò 18 ló wá sọnù lóòótọ́. Owó rẹ̀ ní iye tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦1,080,000, kò sì ní padà wá, torí oníbùkátéríà tó nílò ìrẹsì lọ́jọ́ Ẹtì ti rà á níbòmíì, ó sì ti sè é.

Àpò 8 mìíràn kò sọnù rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 ni wọ́n gbé e jáde fún oníbàárà wa kan ní Ọ̀nà Ẹdẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n sì kọ rìsíìtì rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀lé e. Ìwé sítọ̀ ní ó jáde lọ́jọ́ 31, ìwé rìsíìtì ní ọjọ́ kìíní. Ìgbà tí mo gbé ìwé méjèèjì síra ni mo rí i. ₦480,000 nìyẹn ní iye tágẹ́ẹ̀tì, ọjà náà sì máa wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Irú ìyàtọ̀ báyìí ni kì í yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ gba ìbáwí, àmọ́ ó tún jẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ máa ń sá sí: "ó máa wọlé lóṣù tó ń bọ̀, mà." Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òǹkà, kí ẹ sì fi í ṣe ìlà àkọ́kọ́ rìpọ́ọ̀tù tó ń bọ̀. Bí àpò 8 yẹn kò bá yọjú níbẹ̀, ẹni tó kọ àlàyé náà purọ́.

18 àti 8 jẹ́ 26. Àpò 4 ló kù, ₦240,000. Mo wá ìdí rẹ̀ tì. Mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Àpò 4, a ò tíì mọ ìdí rẹ̀." Ó tì mí lójú láti kọ ọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ ọ́ mọ́ ti tírélà kí ìṣirò lè wọlé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà "a ò tíì mọ̀" tó kéré ló ń jẹ́ kí ọ̀gá gba àwọn ìlà yòókù gbọ́.

Ẹ fi àlàyé méjèèjì wéra báyìí. Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nígbà tí mo ń tún un wò: "Ìrẹsì kò yá nítorí ọ̀wọ́n." Èyí tí mo kọ lẹ́yìn náà: "Ìrẹsì dín ní ₦780,000. Owó àpò tó gun fún wa ní ₦1,020,000. Àpò 30 tí a kò tà gba ₦1,800,000: 18 nítorí sítọ̀ ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ní padà, 8 nítorí rìsíìtì pẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ lóṣù tó kàn, 4, a ò tíì mọ̀." Ìlà mẹ́rin ni. Ọ̀wọ́n tí mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi kò tilẹ̀ lọ́wọ́ sí i, òun gan-an ló gbà wá.

Òróró kò gba ju ìlà kan lọ: kẹ́ẹ̀gì 2 lé, owó kò yí. A ti fohùn ṣọ̀kan kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ pé ohunkóhun tí kò bá tó ₦200,000, a ò ní da ara wa láàmú lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: apá kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n, kì í ṣe àṣẹ́kù. Ọjà kan lè wà tí òǹkà rẹ̀ jábọ́ ní ₦900,000, tí owó rẹ̀ gun ní ₦850,000. ₦50,000 péré ló máa hàn, ẹ ó sì fò ó dá.

Ibi tí rìpọ́ọ̀tù kẹta pẹ̀lú ti dákẹ́

Índómì ló kọ́ mi nípa èyí. ₦7,500 tí mo pè ní owó páálí kan, kò sẹ́ni tó ta páálí kankan ní ₦7,500. Nígbà tí mo tú rìsíìtì, páálí 290 la tà ní ₦8,000, páálí 290 ní ₦7,000. Ọmọ tó ń tajà ti ń gé ₦1,000 fún àwọn tó ń kó mẹ́wàá sókè lọ sí ẹ̀bá géètì Yunifásítì. Ẹ̀dínwó ₦1,000 lórí 290 ni ₦290,000 tó wà nínú táńbìlì. Nítorí náà, nígbàkigbà tí owó ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí owó àpapínpọ̀ tàn yín jẹ, ẹ tú u wò.

Àlàyé ọmọ náà lójú: ẹ̀dínwó ló mú páálí 80 wọlé, ₦640,000 ju ₦290,000 lọ. Rìpọ́ọ̀tù títà fara mọ́ ọn. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Èló la ra páálí kan?" ₦7,200 la rà á. Ẹ wá ṣírò: bí a bá ta 500 ní ₦8,000 bí a ti ṣètò, èrè ₦400,000 ni. 580 tí a tà mú ₦4,350,000 wá, owó tí a fi rà á jẹ́ ₦4,176,000, ó ku ₦174,000. Títà lé ní ₦350,000, èrè dín ní ₦226,000. Ní ₦7,000, páálí kọ̀ọ̀kan ń jẹ wá ní ₦200.

Rìpọ́ọ̀tù títà, bó ti wù kó dáa tó, kò mọ iye tí ẹ ra ọjà. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá ń dá ẹ̀dínwó, ẹ fi òpó kan kún un fún owó tí ẹ fi rà á, ó kéré tán fún ọjà tí owó rẹ̀ bá já sílẹ̀ ju tágẹ́ẹ̀tì lọ.

Èwo wá ni tiyín?

Bí ohun kan ṣoṣo lẹ ń tà, tí owó rẹ̀ kì í yí láàárín oṣù, onílà kan ti tó yín. Ẹ máa ka àpò tàbí kẹ́ẹ̀gì, ẹ ti rí gbogbo rẹ̀.

Bí rìsíìtì yín bá ń gbé owó nìkan láìkọ òǹkà (mo mọ ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀ tó ń kọ "ọjà, ₦132,000", kò jù bẹ́ẹ̀), ìkejì lẹ lè ṣe, ẹ kò lè ṣe ìkẹta, ẹ má sì fi àbá dípò òǹkà. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n máa kọ òǹkà síwájú owó. Ìyípadà kékeré yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn ìkẹta.

Bí owó ọjà bá ń yí, bó ṣe ń ṣe wá lọ́wọ́ yìí, ìkẹta ni kí ẹ mú. Tágẹ́ẹ̀tì tí a fi náírà nìkan gbé kalẹ̀, ọ̀wọ́n gógó lè bá yín lé e bá, kí ẹ sì máa rò pé ọjà ń gbòòrò. Ẹni tó sì ní oríṣi ọjà 300 lórí pẹpẹ, kò ní la gbogbo rẹ̀ sí méjì, yóò kàn sọ ara rẹ̀ di wèrè ni. Ẹ la èyí tó ń gbé ọ̀pọ̀ owó wọlé, mẹ́fà tàbí mẹ́wàá, kí ẹ kó ìyókù pọ̀ sí ìlà kan bí rìpọ́ọ̀tù kejì. Ní tèmi, mo ń kọ ìlà kan sórí bébà fún Màmá, táńbìlì sísàlẹ̀ rẹ̀, àlàyé sísàlẹ̀ táńbìlì. Ojú kan ni gbogbo rẹ̀.

Ti àpò 4 yẹn ńkọ́? Lóṣù tó tẹ̀lé e, àpò 8 yọjú bí mo ṣe kọ ọ́. Mo wá jókòó ti ìwé sítọ̀, mo rí àpò 4 tó jáde lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọ̀la rẹ̀ ni mo kà sí ọjọ́ tí sítọ̀ ṣófo, kò sì ní rìsíìtì. Mo bi ọmọ tó ń tajà. Ó ní ìrẹsì kò tilẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọ̀sán ló tán. Àpò 4 sì ni ọjà ìdajì ọjọ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá Màmá, mo ní, "Mà, ta ló gbé mẹ́rin yìí?"

Ó wo ìwé, ó wo mi, ó yọ awò. "Àbí kì í ṣe èyí tí mo gbé lọ síbi òkú ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ nìyẹn?"